Bí A Ṣe Ń Fi VWAP Ọjọ́ Kan Mọ Ìgbà Tó Yẹ Ká Wọlé àti Ìgbà Tó Yẹ Ká Jáde

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń rà tó ń tà láàárín ọjọ́ ló ti fi VWAP, ìlà tó ń fi iye owó àárín ọjọ́ náà hàn, sójú àtẹ rẹ̀. Wọ́n á rí i pé iye owó ti jìnnà sí ìlà náà, wọ́n á ní dandan ni kó padà, wọ́n á sì wọlé. Nígbà mìíràn ó máa ń padà lóòótọ́. Nígbà mìíràn, ìlà náà fúnra rẹ̀ ni yóò rọra wá bá iye owó níbi tó wà, ẹni tó wọlé á wo àtẹ títí, kò ní rí èrè kankan kó. Ìyàtọ̀ yẹn gan-an ni mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀: bí a ṣe lè mọ̀, ká tó wọlé, bóyá VWAP, tó jẹ́ ìdákọ̀ró tí a retí pé iye owó á padà sí, múlẹ̀, àti bí a ṣe ń gbé ibi ìjáde wa tẹ̀ lé e bó ṣe ń rìn.

Ohun tí ìlà náà ń sọ

VWAP ni iye owó àárín tí àwọn èèyàn ti fi ra ìpín ilé iṣẹ́ kan láti ìgbà tí ọjà ti ṣí lónìí, àmọ́ kì í ṣe àárín lásán. Iye owó tí 10,000 ìpín fi yí ọwọ́ ní agbára lórí rẹ̀ ní ìlọ́po 100 ju iye owó tí 100 ìpín péré fi yí ọwọ́ lọ. Nítorí náà, bí a bá kó gbogbo ẹni tó ti rà lónìí pọ̀, VWAP ni owó tí wọ́n san lórí ìpín kọ̀ọ̀kan. Bí iye owó bá wà lókè rẹ̀, àpapọ̀ àwọn tó rà lónìí wà nínú èrè. Bó bá wà nísàlẹ̀, inú àdánù ni wọ́n wà.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì àti owó ìdókòwò máa ń fi VWAP díwọ̀n iṣẹ́ àwọn tó ń bá wọn rà. Ẹni tí wọ́n ní kó ra mílíọ̀nù kan ìpín, tó sì rà á ní owó tó kéré sí VWAP ọjọ́ náà, ti ṣe dáadáa lójú ọ̀gá rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń sọ pé VWAP máa ń fa iye owó mọ́ra. Mi ò fara mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń bá ilé iṣẹ́ wọ̀nyí rà kàn ń pín ríra náà sórí wákàtí ọjọ́ gẹ́gẹ́ bí ìpín ṣe sábà máa ń yí ọwọ́ ni, wọn kì í dúró de owó pọ́ọ́kú. Kò sẹ́ni tó jẹ VWAP ní gbèsè pé òun á dá iye owó padà síbẹ̀. Ọjọ́ tó máa ń padà ni ọjọ́ tí olùrà àti olùtà ti fẹnu kò sí agbègbè iye kan, tó sì jẹ́ pé àṣẹ ńlá kan tó kọjá lọ ló tì í kúrò níbẹ̀. Ọjọ́ tí wọn ò bá tíì fẹnu kò, ẹ má retí ìpadà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ yẹ ìlà yín wò

Bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyí. Àbẹ́là ni igi kékeré tó ń fi ìrìn iye owó láàárín àkókò kan, bí ìṣẹ́jú márùn-ún, hàn lórí àtẹ. P ni iye owó àbẹ́là kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àròpọ̀ ibi tó ga jù, ibi tó rẹlẹ̀ jù àti ibi tó parí sí, tí a pín sí mẹ́ta. V ni iye ìpín tó yí ọwọ́ nínú àbẹ́là náà. Láti ìgbà tí ọjà ti ṣí la ti ń ṣe àròpọ̀ wọn bọ̀.

```
VWAP = Σ(P × V) / ΣV
SD   = √( Σ(V × P²) / ΣV − VWAP² )
```

SD ni ìwọ̀n ìyapa: bí iye owó ṣe máa ń jìnnà sí VWAP tó lónìí. Òun la fi ń fa ìlà òkè àti ìlà ìsàlẹ̀: +1 àti +2 jẹ́ SD kan àti SD méjì lókè VWAP, −1 àti −2 jẹ́ bẹ́ẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé iye owó gbọ́dọ̀ wà láàárín +2 àti −2 ní ìgbà 95 nínú 100. Ìṣirò yẹn wà fún ohun tí ìgbésẹ̀ rẹ̀ kan kò nípa lórí èkejì, tó sì fọ́n ká bó ṣe yẹ. Iye owó láàárín ọjọ́ kì í rí bẹ́ẹ̀. Ó lè di ìlà −2 mú, kó sì máa bá a lọ fún wákàtí mẹ́ta. Ẹ kàn lo ìlà wọ̀nyí bí ọ̀pá ìwọ̀n tó ń jẹ́ kí a lè fi ọjọ́ kan wé òmíràn.

Nǹkan méjì ni kí ẹ yẹ̀ wò nínú ètò àtẹ yín. Èkíní, ìgbà wo ni ìṣirò náà ń bẹ̀rẹ̀ láti òfo? Fún ọjà ìpín tó ń ṣí ní 9:30 bíi ti New York, kò yẹ kí ìpín tó yí ọwọ́ ní àfẹ̀mọ́júmọ́, kí ọjà tó ṣí, wọnú rẹ̀. Bó bá wọlé, ìlà yín yóò yàtọ̀ sí èyí tí àwọn tó pọ̀ jù ń wò, pàápàá ní ọjọ́ tí ìròyìn bá jáde ní òwúrọ̀. Èkejì, ṣé iye ìpín náà jẹ́ òótọ́? Nínú òwò pàṣípààrọ̀ owó orílẹ̀-èdè, kò sí ojú kan tí gbogbo òwò ń gbà kọjá, torí náà iye ìgbà tí iye owó yí padà ni ọ̀pọ̀ àtẹ ń kà dípò iye tó yí ọwọ́. VWAP irú ọjà bẹ́ẹ̀ jẹ́ àfiwé lásán, n kì í sì í lo ìlànà yìí lórí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wo bí ìdákọ̀ró náà ṣe wúwo tó

Ibí ni ọ̀pọ̀ ìtọ́sọ́nà ti máa ń sáré kọjá, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni owó ti ń sọnù. VWAP kì í dúró. Gbogbo ìpín tó bá yí ọwọ́ lẹ́yìn tí ẹ ti wọlé ló ń fà á lọ sọ́dọ̀ iye owó tí wọ́n fi tà á. Bó ṣe máa sún tó nìyí:

```
ΔVWAP = (P − VWAP) × v / (V + v)
```

V ńlá ni gbogbo ìpín tó ti yí ọwọ́ lónìí. v kékeré ni èyí tí ẹ rò pé yóò yí ọwọ́ láàárín àkókò tí ẹ máa fi dúró. P ni iye owó àárín tí ẹ rò pé wọn yóò fi tà á.

Ẹ jẹ́ ká wo 9:45, ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn tí ọjà ṣí. Ká ní 600,000 ìpín ti yí ọwọ́, tí iye owó sì ti fi 20 sẹ́ǹtì rẹlẹ̀ sí VWAP. SD ṣì kéré gan-an ní àkókò yìí, bóyá 8 sẹ́ǹtì, nítorí náà àtẹ á ti máa pariwo pé iye owó ti kọjá −2. Ẹni tí ojú ń kán á rà. Àmọ́ ní òwúrọ̀, ìpín máa ń yí ọwọ́ kíákíá: 400,000 mìíràn lè kọjá láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí wọ́n bá tà á ní ibi tí iye owó wà yẹn, VWAP yóò sún wálẹ̀ ní 20 × 400,000 ÷ 1,000,000, ìyẹn 8 sẹ́ǹtì. Iye owó kò gbéra rárá, síbẹ̀ ìdá méjì nínú márùn-ún èrè tí wọ́n ń retí ti lọ.

Ní 13:00, tí V bá ti tó 5,000,000, tí 30,000 péré sì ń yí ọwọ́ ní ìṣẹ́jú márùn-ún, wákàtí kan gbáko ní ibi 20 sẹ́ǹtì kan náà yẹn kò ní fà á ju sẹ́ǹtì kan àti díẹ̀ lọ. Ìdákọ̀ró náà ti wúwo. Èyí ló fà á tí mi ò fi ń wọlé nínú wákàtí àkọ́kọ́ ọjà, bó ti wù kí àtẹ dára tó lójú. Láti nǹkan bí 10:45 lọ ni mo tó ń ka ìyapa sí ohun tó ní ìtumọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ mọ irú ọjọ́ tó jẹ́

Irú ọjọ́ méjì ló wà fún iṣẹ́ yìí: ọjọ́ tí ọjà dúró sójú kan, àti ọjọ́ tí ọjà ń rìn lọ. Ìlànà yìí wà fún ti àkọ́kọ́ nìkan. Ní irú ọjọ́ kejì, ẹni tó bá ń ra ìsàlẹ̀ ń dúró sójú ọ̀nà ọkọ̀.

Ìwọ̀n tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù ni ìtẹ̀sí VWAP. Ẹ mú VWAP ìsinsìnyí, ẹ yọ VWAP wákàtí kan sẹ́yìn kúrò nínú rẹ̀, ẹ má wo àmì ìyọkúrò, kí ẹ wá fi SD ìsinsìnyí pín in. Bí èsì bá kéré sí 0.25, ìlà náà tẹ́, a lè ṣiṣẹ́. Bó bá ju 0.5 lọ, ọjà ń rìn, a ò ní wọlé ní òdìkejì rẹ̀. Bó bá bọ́ sáàárín, mo máa ń fi í sílẹ̀. Ààlà tí èmi ń lò nìyí. Ẹ lè fi ìtàn ọjà tí ẹ ń ṣe yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sì tún un ṣe. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí ẹ fi SD pín in, torí 10 sẹ́ǹtì kì í ṣe nǹkan kan náà lórí ìpín tó ń mì gan-an àti lórí èyí tí kì í mì.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ojú yín wo bí iye owó ti ń ṣe sí ìlà náà láti òwúrọ̀. Ní ọjọ́ tí ọjà dúró sójú kan, iye owó máa ń gé VWAP kọjá lọ síhìn-ín lọ sọ́hùn-ún, á lọ sókè díẹ̀, á padà, á lọ sísàlẹ̀, á tún padà. Ní ọjọ́ tí ọjà ń rìn, apá kan ṣoṣo ló máa ń wà. Bó bá gbìyànjú láti padà, ìlà −1 ni yóò dé, ibẹ̀ ni àwọn olùtà yóò ti lé e sẹ́yìn. Bí ẹ bá rí ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì ní apá kan náà láìjẹ́ pé ó fọwọ́ kan VWAP, ẹ pa ètò ìpadà tì lórí ìpín yẹn lónìí.

Ìròyìn kò gba ìṣirò. Bí ilé iṣẹ́ náà bá gbé èsì owó rẹ̀ jáde lónìí, bí wọ́n bá ń ra ilé iṣẹ́ náà, bí báńkì àpapọ̀ bá fẹ́ kéde èlé lọ́sàn-án, ẹ wá ìpín mìíràn tàbí kí ẹ sinmi. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn èèyàn ń wá iye tuntun, VWAP òwúrọ̀ sì ti di ìtàn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: wíwọlé

Ẹ má ra ohunkóhun torí pé ó fọwọ́ kan ìlà −2. Ohun tí a ń dúró dè ni pé kí ó kọjá sísàlẹ̀ ìlà náà, kó kùnà láti máa lọ, kó sì parí àbẹ́là ìṣẹ́jú márùn-ún kan padà sínú. Ìfọwọ́kàn ń sọ fún wa pé ẹnì kan ń tà kíkankíkan. Àbẹ́là tó parí sínú ń sọ pé ẹni náà ti tà tán, tàbí pé ẹni tó ń rà ti lágbára jù ú lọ. A ó pàdánù sẹ́ǹtì díẹ̀ nínú dídúró yìí, owó rẹ̀ sì tọ́ sí i.

Ẹ wo iye ìpín pẹ̀lú. Ohun tó dára ni pé kí ìpín tó pọ̀ yí ọwọ́ níbi tí ìfàsísàlẹ̀ ti le jù, kí ó wá dín kù bí iye owó ti ń gbìyànjú ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Bí ìpín bá ń pọ̀ sí i ní àbẹ́là kọ̀ọ̀kan tí iye owó sì ń lọ sílẹ̀, olùtà náà ò tíì tán.

Títà ní òkè ìlà +2 jẹ́ òdìkejì gbogbo èyí, pẹ̀lú pé ẹ ní láti yá ìpín náà kí ẹ tó tà á, àti pé kì í ṣe gbogbo ìpín ni bùrókà máa ń rí yá.

Ẹjọ́ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin

Ẹ jẹ́ ká gbé e sórí nọ́mbà. Ìpín kan wà ní nǹkan bíi 50 dọ́là, ọjà ṣí ní 9:30, yóò pa dé ní 16:00. Ní 11:40, 4,000,000 ìpín ti yí ọwọ́. VWAP wà ní 50.00, SD jẹ́ 0.30. Nítorí náà ìlà −1 wà ní 49.70, ìlà −2 sì wà ní 49.40. Ní 10:40, VWAP jẹ́ 50.03. Ó ti sún 3 sẹ́ǹtì ní wákàtí kan; 0.03 tí a fi 0.30 pín jẹ́ 0.1. Ó tẹ́. Iye owó ti gé e kọjá ní ọ̀pọ̀ ìgbà láti òwúrọ̀, kò sì sí ìròyìn kankan.

Ní àbẹ́là 11:25, iye owó já wálẹ̀ láti 49.62, ó dé 49.34, ó parí sí 49.37. 110,000 ìpín yí ọwọ́, nígbà tó jẹ́ pé nǹkan bíi 50,000 ni àbẹ́là tó ṣáájú rẹ̀ ń ní. Ó ti bọ́ sísàlẹ̀ ìlà −2, a ò ṣe nǹkan kan. Àbẹ́là 11:30 rẹlẹ̀ dé 49.36, ó parí sí 49.39, 70,000 ìpín. Ṣì nísàlẹ̀ ni, a ń wò ó. Àbẹ́là 11:35 rẹlẹ̀ dé 49.37, àmọ́ ó parí sí 49.45, 55,000 ìpín. Ó ti padà sínú. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n tì í wálẹ̀, ibi tó dé ń ga díẹ̀díẹ̀, ìpín tó ń yí ọwọ́ sì ń dín kù. A rà ní 49.46.

Ibi ìdádúró, ìyẹn ibi tí a ó ti gbà pé a ṣìnà ká sì jáde, ni ìsàlẹ̀ ibi tó rẹlẹ̀ jù, pẹ̀lú àyè díẹ̀: 49.28. Ìyẹn túmọ̀ sí pé 18 sẹ́ǹtì la fi sílẹ̀ lórí ìpín kọ̀ọ̀kan. Bí owó tí a lè fara mọ́ pé kó lọ lórí òwò kan bá jẹ́ 90 dọ́là, 90 ÷ 0.18 jẹ́ 500 ìpín. Ẹ kíyè sí i pé ibi ìdádúró la kọ́kọ́ mọ̀, òun ló wá sọ iye ìpín tí a lè rà. Ẹni tó kọ́kọ́ mú 2,000 ìpín, tó wá ń wá ibi ìdádúró tó máa bá àpò rẹ̀ mu, yóò fi í sí ibi tí ìmì lásán yóò ti gbé e jáde.

Nísinsìnyí, èrè. Lójú, VWAP wà ní 50.00, torí náà èrè jẹ́ 54 sẹ́ǹtì, ìlọ́po mẹ́ta ohun tí a fi wéwu. Ẹ má gba nọ́mbà yẹn gbọ́. Bí a bá rò pé yóò gbà tó wákàtí kan àti ààbọ̀, 50,000 ìpín ní ìṣẹ́jú márùn-ún kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ 900,000. Bí wọ́n bá tà wọ́n ní 49.65 lápapọ̀, VWAP yóò sún ní −0.35 × 900,000 ÷ 4,900,000, ìyẹn bíi 6 sẹ́ǹtì wálẹ̀, á wá bọ́ sí 49.94. Èrè tòótọ́ tí a ń retí jẹ́ 48 sẹ́ǹtì. Ó ṣì ju ìlọ́po méjì ààbọ̀ ewu lọ, a lè tẹ̀ síwájú. Bí nọ́mbà yìí bá já sísàlẹ̀ ìlọ́po kan ààbọ̀ lẹ́yìn ìṣirò, èmi kì í wọlé.

Ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn náà, 300,000 ìpín ti kọjá ní 49.52 lápapọ̀. VWAP ti di 49.97, ìlà −1 ti di 49.67, iye owó sì ti dé ibẹ̀. A tà 250 ìpín, a jèrè 21 sẹ́ǹtì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, 52.50 dọ́là. Ìlà −1 ni mo fi ṣe ibi ìjáde àkọ́kọ́ torí pé ibẹ̀ ni olùtà ọjọ́ tí ọjà ń rìn máa ń dúró sí; bí mo bá ṣi ọjọ́ náà kà, ibẹ̀ ni màá ti kọ́kọ́ mọ̀. Lẹ́yìn náà a gbé ibi ìdádúró ìyókù wá sí ibi tí a ti wọlé. Iye owó fà sẹ́yìn díẹ̀, ó tún dìde, nígbà tí wákàtí kan àti ààbọ̀ sì pé, ó pàdé VWAP ní 49.94. A tà 250 tó kù, 48 sẹ́ǹtì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, 120 dọ́là. Àpapọ̀ jẹ́ 172.50. Bí sẹ́ǹtì kan bá bọ́ lọ́wọ́ wa ní wíwọlé àti sẹ́ǹtì kan ní jíjáde, ìyẹn 10 dọ́là lórí 500 ìpín, 162.50 ló kù, kí bùrókà tó gba tirẹ̀.

Àwòrán kan náà, ọjọ́ mìíràn

Ẹ jẹ́ ká gbé ìpín kan náà sí ọjọ́ tí ìròyìn burúkú jáde kí ọjà tó ṣí. Ní 11:40, 6,000,000 ìpín ti yí ọwọ́. VWAP wà ní 48.60, SD jẹ́ 0.35, ìlà −2 wà ní 47.90. Iye owó lọ sí 47.85, ó sì parí àbẹ́là kan padà sínú ní 47.95. Bí a bá gé àwòrán àbẹ́là mẹ́ta yẹn jáde, kò sí ẹni tó lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ti àkọ́kọ́. Àmọ́ wákàtí kan sẹ́yìn, VWAP wà ní 48.90. Ó ti sún 30 sẹ́ǹtì, 0.30 ÷ 0.35 sì lé ní 0.85. Ìyẹn tó láti mú kí ẹ má wọlé.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó rà ní 47.95. Láàárín wákàtí méjì, iye owó kàn ń rìn síwá sẹ́yìn láàárín 47.80 àti 48.05. 2,500,000 ìpín yí ọwọ́ ní 47.90 lápapọ̀. VWAP sún ní −0.70 × 2,500,000 ÷ 8,500,000, bíi 21 sẹ́ǹtì, ó di 48.39. Èrè tó ń retí ti sún láti 65 sẹ́ǹtì di 44, láìjẹ́ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ìlà −2 náà ti sọ̀ kalẹ̀, torí náà iye owó kò tún jọ ohun tó jìnnà mọ́ lójú àtẹ. Àárín ti wá bá a, kì í ṣe òun ló padà sí àárín. Ẹni yìí lè máa sọ fún ara rẹ̀ pé ìlànà náà ń ṣiṣẹ́ torí àlàfo ń dín kù. Owó rẹ̀ kò pọ̀ sí i.

Ọjọ́ bẹ́ẹ̀ náà ni ìdánwò àfikún ríra máa ń dé: iye owó lọ sí −3, èèyàn á ní ó ti pọ́ọ́kú jù, á rà kún un. Ìlà −3 ní ọjọ́ tí VWAP ń tẹ̀ wálẹ̀ kò ju ibi tí ọjà gbà kọjá lọ. Ìwọ̀n tí a ti ṣírò látorí 90 dọ́là kò ní àyè fún àfikún.

Jíjáde nígbà tí èrè kò bá dé

Ibi ìjáde kejì gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ lé VWAP. Ẹni tó fi àṣẹ títà sílẹ̀ ní 50.00 nínú ẹjọ́ àkọ́kọ́, tó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, yóò wo iye owó bó ṣe dé 49.94, ibi tí VWAP wà gan-an, tó sì padà lọ láìrà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ máa gbé àṣẹ náà ní ìṣẹ́jú 15-15, kí ẹ sì fi í sí sẹ́ǹtì kan tàbí méjì ṣáájú ìlà náà, torí ọ̀pọ̀ ló ń dúró síbẹ̀ láti tà.

Ìjáde kẹta ni ti àkókò. Bí wákàtí kan bá pé tí iye owó kò tíì dé ìlà −1, ìdí tí mo fi wọlé ti ń kú. Àṣẹ ńlá tó kọjá lọ kì í pẹ́ kí ọjà tó gbàgbé rẹ̀. Bí wọn ò bá tíì gbé iye owó padà lẹ́yìn wákàtí kan, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gba iye tuntun náà. Mo máa ń jáde níbi yòówù tó bá wà. Bákan náà, bí ìtẹ̀sí VWAP bá kọjá 0.5 nígbà tí mo wà nínú òwò, mi ò dúró de ibi ìdádúró.

Ìrọ̀lẹ́ ní ewu tirẹ̀. Ìdákọ̀ró ti wúwo débi pé kò ní sún mọ́, èyí sì lè jọ ohun tó dára. Ṣùgbọ́n ìpín tún máa ń yí ọwọ́ gan-an bí ọjà bá ti fẹ́ pa dé, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń parí ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, wọ́n sì lè tì iye owó sí apá kan láìyí padà. Ó lè wà ní −2 títí agogo fi dún. Ní òwúrọ̀ ọ̀la VWAP á bẹ̀rẹ̀ láti òfo, ìyapa tòní kò ní sí nínú ìṣirò ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń wọlé lẹ́yìn 15:00, tí mi ò sì ń gbé òwò yìí sùn.

Ohun tó yẹ kí ẹ máa kọ sílẹ̀

Fún òwò kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ nǹkan mẹ́rin: SD mélòó ni ìyapa jẹ́ nígbà tí ẹ wọlé, mélòó ni ìtẹ̀sí VWAP, ibo ni VWAP wà nígbà tí ẹ wọlé, ibo ló wà nígbà tí ẹ jáde. Ẹ wá pín àlàfo tó dí sí méjì: èyí tí iye owó rìn àti èyí tí VWAP rìn. Nínú ẹjọ́ àkọ́kọ́, àlàfo 54 sẹ́ǹtì ló dí, iye owó rìn 48, VWAP rìn 6. Bí ẹ bá kó òwò bí 30 jọ, tí ẹ sì rí i pé VWAP ló ń rìn jù nínú ọ̀pọ̀ wọn, àárọ̀ jù lẹ ti ń wọlé, tàbí kí ẹ máa gba ọjọ́ tí ìlà rẹ̀ ń tẹ̀. Ẹ to òwò náà ní wákàtí tí ẹ wọlé, ẹ ó mọ èwo ni.